Nígbà Tí Ìbéèrè Kan Bá Ní Ìdáhùn Méjì

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1982, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó tó 300,000 jókòó ṣe SAT, ìdánwò tí àwọn ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà ń ṣe kí wọ́n tó wọ yunifásítì. Ọ̀kan nínú àwọn ìbéèrè ìṣirò rẹ̀ ya òbìrí méjì tí wọ́n fara kanra, ọ̀kan kékeré, ọ̀kan ńlá. Fífẹ̀ kékeré jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́ta fífẹ̀ ńlá. Bí kékeré bá ń yí gbirigbiri lọ ní etí ńlá títí tó fi padà síbi tó ti gbéra, ẹ̀ẹ̀melòó ni yóò ti yí po? Ìdáhùn márùn-ún ni wọ́n kọ sílẹ̀ pé kí akẹ́kọ̀ọ́ mú ọ̀kan nínú wọn: 3/2, 3, 6, 9/2 àti 9.

Ohun tí olùṣètò fẹ́ ni 3. Ètí òbìrí ńlá gùn ju ti kékeré lọ ní ìlọ́po mẹ́ta, nítorí náà kékeré yóò yí lẹ́ẹ̀mẹta. Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta kọ lẹ́tà pé kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ẹ̀ẹ̀mẹrin ni, 4 kò sì sí nínú àwọn ìdáhùn márààrún.

Ẹni tó bá fẹ́ rí ohun tí wọ́n rí, kó wá ìdérí ìgò mínírà méjì tí ẹnu wọn ní eyín. Kó fi ìṣó ha ìlà sí orí ọ̀kan, kó gbé e sókè ìkejì kí ìlà náà dojú kọ òkè, kó di ti ìsàlẹ̀ mú, kó wá yí ti òkè lọ díẹ̀díẹ̀ kí eyín wọn máa bọ́ sínú ara wọn. Nígbà tí ìdérí tó ń yí bá fi máa dé ìsàlẹ̀, tí kò tíì rìn ju ìdajì ọ̀nà lọ, ìlà ti tún dojú kọ òkè. Ó ti yí po lẹ́ẹ̀kan. Kó tó padà sílé, ó ti yí po lẹ́ẹ̀mejì, bẹ́ẹ̀ ìdérí méjèèjì kò ju ara wọn lọ. Ìyípo kan ti inú gígùn etí ìdérí wá. Ìyípo kejì ti inú pípo tí ó po ẹnìkejì rẹ̀ ká wá. Bákan náà ni ti inú ìdánwò: mẹ́ta pẹ̀lú ọ̀kan, ó di mẹ́rin.

Ṣùgbọ́n 3 kì í ṣe òmùgọ̀ ìdáhùn. Bí ẹnì kan bá dúró sí àárín gbùngbùn òbìrí ńlá, tó ń yí ara rẹ̀ tẹ̀ lé kékeré bó ṣe ń lọ, ẹ̀ẹ̀mẹta ni yóò rí i kó yí po. Ẹni tó dúró sí ìta tó ń wò ó ni yóò ka mẹ́rin. Àwọn tó ń ṣe ìwádìí ìràwọ̀ sì lè sọ pé ẹ̀ẹ̀kan péré ni, nítorí ọ̀rọ̀ tí ìbéèrè náà lò fún yíyí ni àwọn ń lò fún bí ayé ṣe ń po oòrùn. Ìbéèrè kò sọ ibi tí òǹwòran dúró sí. Ibẹ̀ gan-an ni àlàfo wà, òun sì ni irú lẹ́tà báyìí gbọ́dọ̀ fi ìka tọ́.

Lẹ́tà àwọn ọmọ náà jẹ́. Wọ́n yọ ìbéèrè náà kúrò, wọ́n tún máàkì gbogbo ènìyàn ṣírò. Ti àwọn kan gòkè díẹ̀, ti àwọn mìíràn wálẹ̀ díẹ̀.

Èyí tó ṣòro jùyẹn ni ìgbà tí ìdáhùn olùṣètò tọ̀nà ní tirẹ̀, tí òmíràn sì tọ̀nà tó o. Ẹ jẹ́ ká wo irú àrùnjẹ tó wọ́pọ̀ nínú ìdánwò òye: èwo ni kò bá àwọn yòókù mu nínú 81, 15, 16, 25 àti 49? Olùṣètò ní 15 ni. Èyí tó kù jẹ́ nọ́ńbà tí a lọ́po mọ́ ara rẹ̀: 9 lọ́nà 9 jẹ́ 81, 4 lọ́nà 4 jẹ́ 16, bẹ́ẹ̀ ni 25 àti 49, ṣùgbọ́n kò sí nọ́ńbà odindi tí a lè lọ́po mọ́ ara rẹ̀ kó di 15. Akẹ́kọ̀ọ́ kan mú 16, wọ́n fa ìlà pupa sí i. Bẹ́ẹ̀ òun nìkan ló ṣe é pín sí méjì dọ́gba. Mẹ́rin tó kù yóò ṣẹ́ ọ̀kan kù.

Ẹni tó bínú kọ lẹ́tà lè sọ pé wọ́n fi máàkì òun dù òun. Olùṣètò yóò kà á, yóò sì jù ú sí ẹ̀gbẹ́, nítorí ẹjọ́ máàkì ni ó ń gbọ́ lójoojúmọ́. Lẹ́tà tó ní agbára a máa kọ ìbéèrè náà jáde bó ṣe wà gẹ́lẹ́, pẹ̀lú nọ́ńbà rẹ̀, a sì kọ́kọ́ gbà fún olùṣètò. Báyìí ni ó ṣe lè lọ:

“Ẹ̀yin olùṣètò wa, ìdáhùn tiyín, 15, tọ̀nà, a kò bá yín jiyàn. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ yẹ̀ wò ni pé 16 náà tọ̀nà. Nínú méjèèjì, òfin kan ṣoṣo ló kó nọ́ńbà mẹ́rin jọ, tó sì yọ ẹyọ kan sílẹ̀. Nínú méjèèjì, òfin náà jẹ́ èyí tí wọ́n kọ́ wa ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Kò sí ọ̀rọ̀ kankan nínú ìbéèrè tó ní kí a yan òfin kan ju ìkejì lọ.”

Gbólóhùn tó sọ nípa òfin kan tó kó nọ́ńbà mẹ́rin jọ yẹn ló ṣe pàtàkì, nítorí olùṣètò ní èsì kan tó máa ń fọ̀: bí a bá ń wá kiri, kò sí nọ́ńbà tí a kò ní rí ìdí fún. Òótọ́ ni. Ẹnì kan lè ní 49 ni, torí òun nìkan ni a lè fi 7 pín láìṣẹ́kù. Àmọ́ kí ló so 81, 15, 16 àti 25 pọ̀ níbẹ̀ ju pé wọn kò ṣe é fi 7 pín? Ta ni yóò tilẹ̀ ronú kan 7 bí kò bá ti ní 49 lọ́kàn tẹ́lẹ̀? Èyí jẹ́ àwáwí. Ti 16 kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń kọ lẹ́tà gbọ́dọ̀ fi irú ìwọ̀n yìí wọn ìdáhùn tirẹ̀ kó tó fi ránṣẹ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò gbé àwáwí lọ bá ẹni tó mọ àwáwí yàtọ̀.

Olùṣètò náà ní ohun tó lè yẹ̀ wò láìgbára lé ọ̀rọ̀ ẹnu ẹnikẹ́ni. Kó kó ìwé àwọn tó ṣe dáadáa jù nínú gbogbo ìdánwò náà jọ, kó wo ohun tí wọ́n mú ní ìbéèrè yẹn. Bí ìbéèrè bá dá ṣáká, ìdáhùn kan ni ọ̀pọ̀ wọn yóò mú. Bí wọ́n bá pín sí méjì, tí apá kan mú 15, tí apá kan mú 16, àìmọ̀kan kọ́ ló pín wọn.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ àtúnṣe. Ní 1982, kò sí ìdáhùn tó péye nínú àwọn tí wọ́n kọ sílẹ̀, nítorí náà yíyọ ìbéèrè kúrò tọ́. Níbi tí ìdáhùn méjì ti tọ̀nà, yíyọ ọ́ kúrò yóò gba máàkì lọ́wọ́ àwọn tó rí i, yálà wọ́n mú 15 tàbí 16. Kí olùṣètò fún àwọn méjèèjì ní máàkì ló tọ́ jù.

Lẹ́tà tó dára a tún máa dábàá bí ìbéèrè náà ṣe lè wúlò ní ọdún tó ń bọ̀, ibẹ̀ sì gba sùúrù. Ohun tó kọ́kọ́ wá síni lọ́kàn ni kí a yọ 16, kí a fi 121 rọ́pò rẹ̀, torí 11 lọ́nà 11 jẹ́ 121, kò sì ṣe é pín sí méjì. Ṣùgbọ́n nígbà náà 121 nìkan ni yóò ní díjíìtì mẹ́ta, ìdáhùn kejì tún ti wọlé. Kí a fi 16 sílẹ̀, kí a yọ 81, kí a fi 36 síbẹ̀ ló sàn: 36, 15, 16, 25, 49. Nísinsìnyí nọ́ńbà méjì ló ṣe é pín sí méjì, 16 kò dá wà mọ́, 15 nìkan ló kù sí ìta.