Ẹ Jẹ́ Kí Ọmọ Kọ́kọ́ Lù ú

Nígbà tí Àjàní, ọmọ ọmọ mi, pé ọdún mẹ́ta àti oṣù mẹ́rin, kò sí ìkòkò tí kò lù nílé mi. Mo bá ra gángan kékeré kan fún un lọ́jà. Kò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ tó fi sọ gángan náà di ìjókòó, tó sì padà sídìí ìkòkò. Ó dùn mí. Nígbà tí mo ròyìn rẹ̀ fún onílù kan ládùúgbò wa, ó ní, “Màmá, iṣẹ́ méjì lẹ gbé lé e lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan náà.” Òótọ́ ni. Ẹni tó bá ń lu gángan, apá kan á máa fún okùn rẹ̀, ọwọ́ kejì á máa ju kọ̀ǹgọ́. Apá ọmọ ọdún mẹ́ta kò tíì lágbára láti fún okùn yẹn, kò sì tíì lè jẹ́ kí ọwọ́ kan ṣe ohun tí ọwọ́ kejì kò ṣe. Ohun èlò tó yẹ ẹ́ ni èyí tó jẹ́ pé ìṣísẹ̀ kan ṣoṣo ló máa ń mú un dún.

Ìdí nìyí tó fi yẹ kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tí wọ́n ń mì. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ tòótọ́ wúwo, bí okùn rẹ̀ bá sì já, gbogbo ìlẹ̀kẹ̀ ara rẹ̀ á fọ́n sílẹ̀ níwájú ọmọ tó ṣì ń kó nǹkan sẹ́nu. Mo fi ìgò ike kékeré kan ṣe ti Àjàní, èyí tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ lè ká mọ́. Mo fọ̀ ọ́, mo gbẹ ẹ́ dáadáa, mo da ìrẹsì tútù ṣíbí ìjẹun méjì sí i, mo fi gọ́ọ̀mù lẹ ìdérí rẹ̀, mo sì fi téèpù wé e yíká. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ohun tó wà nínú rẹ̀ ju ìdá mẹ́rin ìgò lọ. Bí ó bá pọ̀ jù, kò ní rí ààyè fò, ohùn rẹ̀ á kú. Bí ìgò náà bá sì gùn jù, ìrẹsì á pẹ́ kó tó dé òdìkejì, ìró náà á máa dé lẹ́yìn tí ọwọ́ ọmọ ti kọjá, kò sì ní mọ èyí tó jẹ́ tòun nínú rẹ̀. Kí ẹ tó fún ọmọ, ẹ jẹ́ kó já bọ́ láti ibi àyà yín sórí sìmẹ́ńtì nígbà mẹ́wàá. Bí hóró ìrẹsì kan bá jáde, ẹ tún un ṣe. Ní ti ohun èlò yòówù tí ẹ bá rà, ẹ wo ara rẹ̀: ohunkóhun tó bá lè yọ kúrò, tó sì lè wọ inú páálí róbótó tó máa ń wà láàárín róòlù tíṣù, lè há ọmọ kékeré lọ́fun.

Ìlù ló tẹ̀ lé e. Ẹ wá èyí tó ń dá dúró nílẹ̀, tí ojú rẹ̀ fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 20 sí 25, tó fi jẹ́ pé bí ọmọ bá jókòó sílẹ̀, awọ rẹ̀ á bọ́ sí déédéé orúnkún rẹ̀. Àtẹ́lẹwọ́ ni kó fi lù ú, ọ̀rọ̀ kọ̀ǹgọ́ ṣì di ẹ̀yìn. Ẹ fi ọwọ́ pa etí rẹ̀ yíká, nítorí ìṣó tó bá yọrí níbẹ̀ á ya ọmọ lọ́wọ́. Bí òjò bá ń rọ̀, awọ ewúrẹ́ máa ń dẹ̀, ohùn rẹ̀ á sì wálẹ̀, àmọ́ oòrùn díẹ̀ á mú un padà bọ̀ sípò. Agolo wàrà ńlá tó ní ìdérí ike náà tó. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá jókòó ti ọmọ, tó sì di dandan kí ẹ pariwo kó tó gbọ́ yín, ìlù yẹn ti pọ̀ jù fún etí rẹ̀.

Nídìí agolo yìí ni mo ti ṣe àṣìṣe mi kejì. Mo máa ń lu ìlù jẹ́jẹ́, bí a ṣe ń pàtẹ́wọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo sì ń retí kí Àjàní tẹ̀ lé mi. Kò tẹ̀ lé mi rárá, ńṣe ló ń sáré. Mo bá a wí títí ó fi dìde. Lọ́jọ́ kejì, mo wo aago. Láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 10, èmi lù ú ní ìgbà 16, òun lù ú ní ìgbà 24. Mo tún kà á lọ́jọ́ kẹta, bákan náà ló rí. Kì í ṣe ìwàǹwára. Ìwọ̀n tó rọ ọmọdé lọ́rùn ló yá ju ti àgbàlagbà lọ, bó bá sì ṣe ń dàgbà ni yóò máa wálẹ̀.

Mo bá jẹ́ kó kọ́kọ́ lù ú. Nígbà tó ti lu bíi mẹ́jọ, mo wọlé sí i lórí ìwọ̀n tirẹ̀, mo dín ohùn mi kù kó má bàa bo tirẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó gbójú sókè, ó rẹ́rìn-ín, kò sì dìde mọ́. Ní 2009, Sebastian Kirschner àti Michael Tomasello, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní Leipzig lórílẹ̀-èdè Jámánì, gbé ìwádìí kan jáde nípa àwọn ọmọ ọdún méjì àbọ̀ sí mẹ́rin àbọ̀. Wọ́n jẹ́ kí àwọn ọmọ náà bá ènìyàn lu ìlù, wọ́n sì jẹ́ kí wọ́n bá ẹ̀rọ tó ń lu ìlù àti ìró lásán lù ú. Ìgbà tí ọmọ bá ń bá ènìyàn lù ú ni ìlù rẹ̀ máa ń bá ti ẹnì kejì mu jù. Nítorí náà, ohun ìṣeré oníbátìrì tó ń dá ìlù lù fúnra rẹ̀ kò lè rọ́pò yín nídìí eré yìí.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ìdádúró kún un. A ó máa lù ú lọ, bí mo bá gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ìlù dákẹ́. Dídákẹ́ yìí le fún ọmọ ju lílù lọ, òun náà ló sì máa ń pa á lẹ́rìn-ín jù. Nígbà tó mọ ìyẹn tán ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í fà á díẹ̀díẹ̀ wá sí ìwọ̀n tó rọra. Ó máa ń bá mi lọ fún bíi mẹ́fà tàbí mẹ́jọ, lẹ́yìn náà á tún sáré lọ. Mo máa ń sáré tẹ̀ lé e. Tó bá ti tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá, a ó gbé ìlù sílẹ̀.

Ó ti lé ní ọdún mẹ́rin kí n tó ra sáílófóònù, torí pé ibẹ̀ ni kọ̀ǹgọ́ ti wọ̀ ọ́, ọmọ sì gbọ́dọ̀ lè ju ọ̀pá sójú ibi tó ń wò. Ẹ gbìyànjú rẹ̀ kí ẹ tó sanwó. Pátákó tó gùn jù ló gbọ́dọ̀ ní ohùn ìsàlẹ̀ jù. Bó bá jẹ́ mẹ́jọ, ẹ lu èkíní àti ìkẹjọ papọ̀: ó yẹ kí wọ́n dún bí ìgbà tí bàbá àti ọmọ bá ń kọ orin kan náà. Bí wọ́n bá ń bá ara wọn jà, wọn kò yí ohùn rẹ̀ dáadáa nìyẹn. Ẹ wo ibi tí wọ́n ti dè é mọ́lẹ̀ pẹ̀lú. Ibi tó kù díẹ̀ kó tó ìdá mẹ́rin gígùn rẹ̀, láti orí kọ̀ọ̀kan, ni pátákó kì í ti í gbọ̀n, ibẹ̀ nìkan ló yẹ kó fìdí lé. Èyí tí wọ́n bá kàn ní ìṣó pinpin, “kó” lásán ló máa dún, kò ní hó.

Carl Orff, olórin ará Jámánì, fẹ́ràn kí pátákó ṣeé yọ, ọgbọ́n yẹn sì wúlò púpọ̀. Ẹ yọ fà àti tí kúrò. Ohun yòówù kí ọmọ lù nínú èyí tó kù, kò ní ta etí. Ṣùgbọ́n fún àwa tí a ń sọ Yorùbá, mẹ́ta àkọ́kọ́ nìkan ti tó iṣẹ́ ṣe. Dò, re, mí tí wọ́n fi kọ́ wa ní àmì ohùn nílé ìwé ló wà níbẹ̀ yẹn. Òótọ́ ni pé ohùn ẹnu wa kì í dúró sójú kan bíi ti pátákó, síbẹ̀ ọmọ á dá a mọ̀. Mo lu “omi”: re, re. Mo lu “ilé”: re, mí. Mo lu “ọkọ̀”: re, dò. Lẹ́yìn náà ni mo lu oríkì rẹ̀, Àjàní: dò, dò, mí. Ó gba kọ̀ǹgọ́ lọ́wọ́ mi, ó lù ú fún bí ìgbà ogún. Mo wá ní kó lu tèmi, Àdùkẹ́. Ó pe oríkì mi lábẹ́ ahọ́n ná, ó lu dò, ó tún lu dò, ó lu mí. Ó wá dúró, ó wò mí.

“Màmá, tèmi náà mà nìyẹn!”