Nọ́ńbà Tuntun fún Ìpàdé Àtijọ́

Ká mú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan tí akọ̀wé mẹ́ta ti jẹ láàárín 2016 sí 2023. Ẹni àkọ́kọ́ ń kọ 1, 2, 3. Èkejì ń kọ A1, B4. Ẹ̀kẹta kò tilẹ̀ fi nọ́ńbà sí i. Tí wọ́n bá fẹ́ kó gbogbo rẹ̀ sínú àwòṣe kan ṣoṣo, àkọlé àti orúkọ àwọn tó wá kì í pẹ́ tò. Nọ́ńbà ni iṣẹ́ wà.

Ọjọ́ ìpàdé ni kó ṣáájú: 2018-11-10/7 ni ọ̀rọ̀ keje ní ìpàdé ọjọ́ náà. Bí a bá kàn ń ka ìpàdé kìíní, ìkejì, tí ìwé ìpàdé pàjáwìrì kan wá jáde láti ìsàlẹ̀ àpótí, gbogbo nọ́ńbà tó tẹ̀lé e ni yóò yẹ̀.

Ìtọ́kasí ló le jù. Ìwé oṣù kejì 2019 ní kí owó èlé dúró “bí a ṣe fẹnu kò sí ní B4.” Bí a bá pa B4 rẹ́, a ti yí ìwé tí alága fọwọ́ sí padà, bí a bá fi í sílẹ̀ lásán, ta ni yóò rí i? Ẹ kọ tuntun tì í nínú àkámọ́: B4 [2018-11-10/7]. Nítorí náà, kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ kọ nọ́ńbà àtijọ́ àti tuntun sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn nínú tébù kan.

Ẹ fọwọ́ tẹ nọ́ńbà yìí fúnra yín. Tí kọ̀ǹpútà bá ń kà á, ìlà kan tí a pa rẹ́ yóò sún gbogbo ìsàlẹ̀ sókè láìsọ fẹ́nikẹ́ni.