Bí Akápò Ṣe Ń Gba Owó Tí Ẹgbẹ́ San Lẹ́ẹ̀mejì Padà

Lọ́pọ̀ ìgbà tí ẹgbẹ́ aláàánú bá san gbèsè kan lẹ́ẹ̀mejì, kì í ṣe olè ló jà. Ẹ jẹ́ ká fi ẹgbẹ́ kan n'Ìbàdàn ṣe àpẹẹrẹ. Wọ́n ní kí atẹ̀wé kan bá wọn tẹ ìwé àwọn ọmọ iléèwé ní ₦480,000. Ó fi fọ́tò ínfọ́ìsì ránṣẹ́ lórí Wasáàpù, nọ́ńbà rẹ̀ ni INV-0147, wọ́n sì sanwó. Nígbà tó kó ìwé dé, ó mú ínfọ́ìsì gan-an dání. Akọ̀wé owó kọ nọ́ńbà náà sílẹ̀ ní 147 lásán. Kọ̀ǹpútà rò pé gbèsè mìíràn ni, ni wọ́n bá tún san.

Ọ̀pọ̀ akápò gbà pé bí ìwé owó wọn bá ti bá ti báńkì mu, kò séwu. Ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe yìí ń sá pamọ́ sí. Owó méjèèjì jáde ní báńkì, méjèèjì sì wà nínú ìwé wọn, nítorí náà ohun gbogbo á bára mu rẹ́gí. Ohun tó tú u fó ni pé akápò to gbogbo owó tí wọ́n san jọ ní orúkọ ẹni tó gbà á àti iye rẹ̀. ₦480,000 wá jókòó ti ₦480,000, lórúkọ atẹ̀wé kan náà.

Kò tíì pariwo. Ó kọ́kọ́ wò ó bóyá ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n gbé iṣẹ́ fún un: ìwé tí wọ́n fi gba ọjà wọlé kò ju ẹyọ kan lọ. Ó tún wò ó bóyá báńkì ti dá ọ̀kan padà. Kò dá a padà. Lẹ́yìn náà ló ní kí atẹ̀wé fi àkọsílẹ̀ ohun tó wà láàárín wọn ránṣẹ́. Ìwé atẹ̀wé fúnra rẹ̀ fi hàn pé owó ẹgbẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, àríyànjiyàn sì tán. Akápò wá kọ lẹ́tà, ó so ẹ̀rí ìsanwó méjèèjì mọ́ ọn, ó sì dá ọjọ́ tí ó fẹ́ kí owó wọlé.

“Màmá, ẹ jẹ́ ká fi ṣe iṣẹ́ tó ń bọ̀.”

“Ó ṣeun o, bọ̀dá, ṣùgbọ́n owó olùrànlọ́wọ́ ni. Ẹ dá a padà.”

Mo gbà pé ó tọ̀nà. Iṣẹ́ tí wọ́n torí rẹ̀ fún wọn lówó ti fẹ́ parí, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ bóyá wọ́n á tún ní ìwé tẹ̀. Atẹ̀wé bẹ̀bẹ̀ láti dá a padà lẹ́ẹ̀mejì, ₦240,000 lóṣù kọ̀ọ̀kan. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, tọ̀tún-tòsì sì fọwọ́ sí i.

Àkáǹtì ẹgbẹ́ ni irú owó bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ wọ̀, kò gbọdọ̀ gba àkáǹtì akápò kọjá. Bó bá wọlé, ẹ má kọ ọ́ sí ọrẹ. Ẹ fi yọ iye tí ẹ kọ sí ìnáwó ìwé títẹ̀. Bí ẹ bá ti ròyìn ìnáwó náà fún olùrànlọ́wọ́, ẹ tètè sọ fún un kí ẹ sì tún ìròyìn náà ṣe.