Oúnjẹ Aláìlẹ́ran Tó Di Ìrẹsì Jíjóná: Àmì Orí Ọ̀rọ̀ Nínú Èdè Fiẹtnáàmù

Ká ní ẹnì kan fi ìwé oúnjẹ búkà kékeré kan ní Hà Nội ránṣẹ́ sí ọ, pé kí o bá òun tú u sí Yorùbá. Ẹni tó tẹ̀ ẹ́ kánjú, kò fi àmì kankan sí i. O dé ìlà kẹta, o rí com chay. Ti àkọ́kọ́ kò le: cơm ni ìrẹsì tí a ti sè. Chay ni wàhálà. Bó bá jẹ́ pé kò ní àmì lórí lóòótọ́, oúnjẹ tí kò ní ẹran, tí kò ní ẹja ni, irú èyí tí ọ̀pọ̀ ẹlẹ́sìn Búdà níbẹ̀ ń jẹ ní ọjọ́ kìíní àti ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù òṣùpá. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé àmì òkè kan ló jábọ́ lórí a, cháy ni, ìyẹn "jóná". Cơm cháy ni ìrẹsì tó gan mọ́ ìsàlẹ̀ ìkòkò títí tó fi pọ́n, tó ń ró kẹ́kẹ́ lẹ́nu. Wọ́n lè fọ́n ẹran gbígbẹ tí wọ́n fà ya wẹ́wẹ́ lé e lórí. Ní Ninh Bình, ọbẹ̀ ẹran ewúrẹ́ ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́. Àmì kan ṣoṣo ló wà láàárín ẹni tó ń gba ààwẹ̀ ẹran àti abọ́ ewúrẹ́.

Kò yẹ kí èyí ya Yorùbá lẹ́nu. Àwa tí a ní igbá, igba àti ìgbà nílé mọ ohun tí ohùn lè ṣe. Ohun tó lè tàn wá jẹ ni pé àmì tiwọn jọ tiwa lójú, iṣẹ́ wọn sì yàtọ̀.

Ohùn mẹ́fà ni wọ́n ń sọ ní Hà Nội. Èyí tí kò ní àmì dúró gbọọrọ bí ohùn àárín tiwa, ó kàn ga díẹ̀ sí i. Àmì ìsàlẹ̀ tiwa, bíi ti à, wà lọ́dọ̀ wọn, ohùn tó rẹlẹ̀ tó ń lọ sísàlẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ ló sì ń tọ́ka sí. Àmì òkè, bíi ti á, ń gbé ohùn gòkè. Títí dé ibẹ̀, etí Yorùbá á bá wọn lọ. Lẹ́yìn náà ni ìwọ̀ kékeré orí ả, tó dà bí orí àmì ìbéèrè. Hỏi tí wọ́n ń pè é túmọ̀ sí "béèrè" gan-an. Ohùn náà á lọ sísàlẹ̀, á tún gòkè díẹ̀. Ìlà wíwọ́ orí ã jẹ́ ohùn tó ń gòkè, tí ọ̀fun á sì há láàárín rẹ̀. Ìkẹfà ni àmì kékeré tó wà lábẹ́ ạ: nặng, "ìwúwo". Ohùn náà á já lulẹ̀, á sì gé síbẹ̀.

Gbé ohùn wọ̀nyí ka orí chay, kí o sì wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Chay ni oúnjẹ aláìlẹ́ran. Cháy, ó jóná. Chày ni ọmọ odó. Chảy ni kí omi máa ṣàn. Chạy ni kí ènìyàn sáré. Fi fìlà dé a tó wà nínú cháy, ó di chấy, iná orí. Gbogbo wọn, bí o bá ṣí àmì wọn kúrò, chay náà ni.

Fìlà yẹn ni apá kejì ọ̀rọ̀ náà, òun ló sì ń mú Yorùbá ṣìnà jù. Àwa máa ń fi àmì sí abẹ́ o láti sọ ọ́ di ọ. Lọ́dọ̀ tiwọn, o lásán ti jẹ́ ọ wa. Bí wọ́n bá fẹ́ o tiwa, wọn á dé e ní fìlà, ô. Bẹ́ẹ̀ náà ni e wọn ṣe jẹ́ ẹ wa, tí ê wọn sì jẹ́ e wa. Àmì abẹ́ lẹ́tà kò kan irú fáwẹ́lì rárá; ohùn ló ń sọ. Nítorí náà, bí Yorùbá bá rí một, tó túmọ̀ sí "ení", tó fi ojú fo fìlà náà, tó sì pè é bó ṣe máa ń pe ọ, mọt ló pè yẹn. Mọt ni kòkòrò tó ń jẹ igi.

Àwọn míṣọ́nnárì Jésúìtì láti Pọtogí ló kọ́kọ́ ń fi lẹ́tà Látìn kọ èdè náà ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún. Alexandre de Rhodes, tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Faransé, ló tẹ ìwé atúmọ̀ èdè rẹ̀ jáde ní Róòmù ní 1651. Lónìí, fáwẹ́lì 12 ni wọ́n ń kọ: a, ă, â, e, ê, i, o, ô, ơ, u, ư, y. Ọ̀kọ̀ọ̀kan lè gba ohùn mẹ́fà, ó di 72. Bí ẹnì kan bá sì ṣí gbogbo àmì kúrò, 72 yẹn á padà di mẹ́fà péré. A kan ṣoṣo ló kù tí yóò dúró fún méjìdínlógún.

Báwo wá ni ọmọ Fiẹtnáàmù ṣe ń ka àtẹ̀jíṣẹ́ tí kò ní àmì, tó sì ń yé e? Gbólóhùn tó gùn ló ń gbà á, àti ọ̀rọ̀ alápá méjì. Ẹni tó bá rí dien thoai kò ní rò ó lẹ́ẹ̀mejì, điện thoại ni, "fóònù", nítorí kò sí nǹkan mìíràn tí apá méjèèjì lè para pọ̀ jẹ́. Ọ̀rọ̀ kúkúrú tó dá dúró ni kò ní alábàárò, àwọn yìí gan-an ló sì máa ń wà nínú ìwé oúnjẹ, lára páálí oògùn, lójú pátákó. Canh ga lè jẹ́ canh gà, ọbẹ̀ olómi adìyẹ, ó sì lè jẹ́ cánh gà, apá adìyẹ. Nuoc dua lè jẹ́ nước dừa, omi àgbọn, tàbí nước dứa, omi ọ̀pẹ̀yìnbó. Òǹkàwé lè fi irú ìyẹn rẹ́rìn-ín, àfi ẹni tí ara rẹ̀ kì í gba ọ̀pẹ̀yìnbó.

Gbólóhùn kan wà tí àwọn ọmọ Fiẹtnáàmù fúnra wọn fi ń ṣe yẹ̀yẹ́. Ọmọbìnrin kan ń fèsì fún ọ̀rẹ́kùnrin rẹ̀ tó béèrè ibi tó wà: Em dang o truong. Em ni "àbúrò", bí ẹni tó kéré ṣe ń pe ara rẹ̀ níwájú ẹni tó jù ú lọ tàbí olólùfẹ́. Ohun tó fẹ́ sọ ni Em đang ở trường, "mo wà nílé ìwé". Ohun tí ọ̀rẹ́kùnrin lè kà ni Em đang ở truồng: "mo wà níhòòhò". Wo ọ̀rọ̀ méjèèjì dáadáa. Ohùn kan náà ni wọ́n ní, ohùn ìsàlẹ̀. Ìwọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ư àti ơ ni trường ní, truồng sì dé fìlà. Olùtumọ̀ tó bá rò pé ohùn nìkan ló ṣe pàtàkì, tó tọ́jú àmì ohùn tó sì da ìwọ̀ àti fìlà nù, truòng ló máa kọ, kò sì tíì jáde nínú wàhálà.

Kí olùtumọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í méfò, ó yẹ kó mọ bí àmì ṣe sọnù, nítorí kì í ṣe bákan náà ni. Nígbà mìíràn ìwé náà á dé pẹ̀lú àwọn lẹ́tà àjèjì tó dà bí ìdọ̀tí, Việt Nam á di ViÖt Nam. Èyí kò burú tó bó ṣe rí lójú. Ètò ìkọ̀wé àtijọ́ kan tí wọ́n ń pè ní TCVN3 ló fà á. Nínú rẹ̀, Ö dúró fún ệ nígbà gbogbo, kò sì sí àmì kan tó sọnù. Irinṣẹ́ bíi Unikey á dá gbogbo rẹ̀ padà ní ìṣẹ́jú kan. Èyí tó burú ni èyí tó mọ́ tónítóní: lẹ́tà pẹlẹbẹ láìsí àmì, tó dà bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣe é. Níbẹ̀, ó ti lọ nìyẹn. Bí o bá rí Đa Nang, tí gbogbo àmì ti lọ ṣùgbọ́n tí ìlà àárín Đ ṣì wà, ẹ̀rọ ló ṣe é, kì í ṣe ènìyàn tó ń kánjú. Ẹ̀rọ máa ń tú lẹ́tà sí ara àti àmì, á sì ju àmì nù; ìlà đ kò ṣeé tú, nítorí náà ó máa ń yè é. Ìròyìn ayọ̀ ni fún olùtumọ̀, torí ó ṣeé ṣe kí ojúlówó ìwé ṣì wà níbì kan tó lè béèrè fún un.

Orúkọ ènìyàn ló ṣòro jù, kò sí gbólóhùn tó lè gbà á sílẹ̀. Dung jẹ́ orúkọ obìnrin. Dũng, "akíkanjú", jẹ́ ti ọkùnrin. Olùtumọ̀ tó ń kọ Gẹ̀ẹ́sì gbọ́dọ̀ yàn bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin, ọ̀pọ̀ ìgbà ló sì ń yàn án kọ̀. Àwa ní ó, a ti bọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n Hoa, "òdòdó", àti Hòa, "àlàáfíà", ṣì lè di ẹnì kan náà nínú ìwé àkọsílẹ̀, họa tó jẹ́ "àjálù" sì ń dúró ní ẹ̀gbẹ́ wọn.

Nǹkan kan wà tí a jẹ wọ́n ní gbèsè rẹ̀. Nínú Yunikóòdù, ìwé ńlá tí ẹ̀rọ fi ń mọ lẹ́tà ayé, ẹ wa ni U+1EB9, ọ wa ni U+1ECD, láàárín àwọn lẹ́tà Fiẹtnáàmù gan-an ni wọ́n wà. Lẹ́tà kan náà ni a jọ ń lò. Wọ́n fún wọn ní ệ odindi, fìlà àti àmì ìsàlẹ̀ pa pọ̀, U+1EC7. Kò sí ẹ́ odindi fún wa. Ẹ̀rọ ní láti kó ẹ àti àmì òkè jọ, ìdí nìyẹn tí ohùn tiwa fi máa ń yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ lórí fóònù kan tàbí òmíràn.

Ẹ jẹ́ ká padà sí com chay wa. Wo àwọn ìlà tó yí i ká. Bó bá jẹ́ ẹ̀wà sóyà àti olú ló pọ̀ níbẹ̀, ilé oúnjẹ aláìlẹ́ran ni. Bí heo bá wà lókè rẹ̀, ìyẹn ẹlẹ́dẹ̀, ìrẹsì jíjóná ló jọ. Bí ìyẹn kò bá tó, ní kí oníbúkà tún un tẹ̀ bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ní Telex, ọ̀nà tó ti ayé wáyà wá, tí lẹ́tà fi ń dúró fún àmì: `cowm chay` fún aláìlẹ́ran, `cowm chays` fún jíjóná. Tàbí kí o kàn bi í pé co thit khong, "ṣé ẹran wà níbẹ̀?" Gbólóhùn yìí kò nílò àmì kankan kó tó yé wọn. Èsì á dé: Co. Ó lè jẹ́ có, "ó wà". Ó tún lè jẹ́ cỏ, "koríko". Kò sí ẹni tó máa rò ó lẹ́ẹ̀mejì; ewúrẹ́ ló ń jẹ koríko, ewúrẹ́ ọ̀hún sì ti wà nínú abọ́.