Ta Ni Dókítà Yóò Rí Tọ́jú?

Ọ̀pọ̀ ẹni tó kàwé nílẹ̀ Yorùbá ló ti jókòó gbọ́ àríyànjiyàn yìí rí: àgbẹ̀ wúlò fún ìlú ju dókítà lọ. Alága ìjókòó wà níwájú, adájọ́ mú kálámù dání, olùṣọ́ àkókò gbé agogo ka orí tábìlì.

Ẹ jẹ́ ká ní akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan ló dìde láti gbèjà àgbẹ̀. Ó ní: “Àgbẹ̀ ló gbin iṣu tí dókítà jẹ kó tó jáde nílé. Àgbẹ̀ ló gbin òwú tí dókítà fi ń di ojú egbò. Àgbẹ̀ ló ń bọ́ aláìsàn tí dókítà ń tọ́jú, láti ọjọ́ tó dùbúlẹ̀ títí di ọjọ́ tó dìde.” Ó dákẹ́ díẹ̀. “Bí oko bá di ìgbẹ́ lọ́dún kan péré, ta ni dókítà yóò rí tọ́jú?”

“Àgbẹ̀ ló” tó ń padà wá yẹn ni àwítúnwí. Arisítótù, ọ̀mọ̀ràn ilẹ̀ Gíríìsì àtijọ́, ti sọ ọ́ pé irú rẹ̀ kì í dára lójú ìwé, ṣùgbọ́n ó yẹ ẹni tó ń jiyàn lójú agbo. Ẹni tó ń kàwé lè ṣí ojú ewé padà. Olùgbọ́ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé ìbẹ̀rẹ̀ gbólóhùn nìkan ló tún sọ. Iṣu, òwú àti aláìsàn kì í ṣe ohun kan náà. Ká ní “àgbẹ̀ dára, àgbẹ̀ wúlò, àgbẹ̀ ṣe pàtàkì” ló wí ni, ẹ̀rí kan kò ní sí níbẹ̀ tí adájọ́ máa kọ sílẹ̀.

Kí ló dé tó fi jẹ́ mẹ́ta? Ẹ̀rí méjì máa ń dún bí ọ̀rọ̀ tí kò tíì parí. Tó bá di márùn-ún, etí á ti gbàgbé èyí àkọ́kọ́. Ìkẹta ló sì gùn jù, òun ló wúwo jù. Ká ní iṣu ló fi kádìí rẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ náà ìbá rọ.

Ìbéèrè pèsìjẹ tó fi parí ló léwu. Kò retí ìdáhùn, ṣùgbọ́n alátakò lè dá a lóhùn: “Ẹni tí ebi ń pa ni dókítà yóò rí tọ́jú, wọn yóò sì pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ!” Gbogbo gbọ̀ngàn á hó yèè, àtẹ́wọ́ á sì ti kúrò lọ́dọ̀ ẹni tó bi ìbéèrè.

Ọ̀nà tó dájú jù láti mọ èyí tó jò ni kí ọ̀rẹ́ kan ṣe alátakò nílé, kó wá ìdáhùn sí ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá ní ìdáhùn méjì, kí wọ́n tún un ṣe. Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin yìí lè yí tirẹ̀ padà báyìí: “Bí oko bá di ìgbẹ́, oògùn wo ni dókítà yóò fi wo ebi?” Oúnjẹ nìkan ni ìdáhùn, ọwọ́ àgbẹ̀ ló sì wà.