1 ni àbí 7?

Nínú ìwé orúkọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, 1 tí wọ́n fi ìrù sí lórí máa ń jọ 7 gan-an. Kí akọ̀wé tó ń dà á kọ má ṣe méfò. Kó wo nọ́ńbà fóònù tí ẹni náà fọwọ́ ara rẹ̀ kọ sí ẹ̀gbẹ́. Fóònù alágbèéká ní Nàìjíríà kì í bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 01. Bó bá jẹ́ 070 ni, bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe ń kọ 7 nìyẹn. Kó wá fi í wé èyí tó rú u lójú. Ohun tó bá jọ lẹ́tà O tàbí S, 0 tàbí 5 ni: àkáǹtì wa kò ní lẹ́tà.

Nọ́ńbà ìkẹwàá wà fún àyẹ̀wò. Wọ́n ń sọ àwọn yòókù di ìlọ́po 3 tàbí 7, wọ́n á sì fi ẹ̀yìn àpapọ̀ wọn yọ ọ́. Bí 1 kan ṣoṣo nínú wọn bá di 7, àṣìṣe náà á hàn. Ṣùgbọ́n bí méjì bá yí, ọ̀kan ní ipò 3, èkejì ní ipò 7, 18 àti 42 ló máa lé: 60. Ẹ̀yìn àpapọ̀ kò yí padà, àṣìṣe náà á sì kọjá. Nítorí náà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka orúkọ tó bá jáde lórí fóònù kí ẹ tó fowó ránṣẹ́.