Kí Ẹ Tó Kọ Ọ́, Ẹ Rẹ Àgbàdo

Ẹni tó bá ń kọ ìtàn ìgbà èwe rẹ̀ máa ń dé ibì kan tí ọ̀nà ti dí. Ó mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀ nílé ìyá àgbà, ó rántí pé òun sunkún, ṣùgbọ́n ìdí ẹkún náà ti sọnù. Bó bá káwọ́ lérí tó ń ronú, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé fọ́tò tó wà lára ògiri pálọ̀ ni yóò tún máa rí. Ilé ìdáná ló yẹ kó gbà lọ.

Ohun tí a fojú rí tàbí tí a fetí gbọ́ máa ń kọ́kọ́ ya ibùdó kan nínú ọpọlọ, níbi tí wọ́n ti ń pín in kiri, kó tó dé ibi tí ìrántí ń gbé. Òórùn kì í kọ́kọ́ yà síbẹ̀. Òkè imú gan-an ni ẹ̀ka ọpọlọ tó ń gbà á wọlé wà, ó sì so tààrà mọ́ ibi tí ẹ̀rù àti ayọ̀ ti ń ru sókè, tòun ti ibi tí ìrántí ti ń fìdí múlẹ̀. Ìdí nìyẹn tí òórùn kan fi lè ba ọkàn èèyàn jẹ́ kó tó mọ ohun tó ń gbọ́. Lọ́dún 2006, Johan Willander àti Maria Larsson, onímọ̀ méjì ní Súwídìn, fi ọ̀rọ̀, àwòrán àti òórùn wá ìrántí lọ́dọ̀ àwọn àgbàlagbà. Èyí tí ọ̀rọ̀ àti àwòrán gbé jáde, ọ̀pọ̀ rẹ̀ wá láti ìgbà tí wọ́n wà láàárín ọdún 11 sí 20. Ti òórùn jìnnà jù bẹ́ẹ̀: ọ̀pọ̀ rẹ̀ jẹ́ ti ìgbà tí wọn ò tíì pé ọdún 10.

Marcel Proust, òǹkọ̀wé ilẹ̀ Faransé, ló sọ ọ̀nà yìí di olókìkí nínú ìwé kan tó jáde lọ́dún 1913, níbi tí ọkùnrin kan ti fi àkàrà òyìnbó bọ tíì, tí ìlú tó gbé ní kékeré sì padà wá bá a. Ohun tí àwọn tó ń sọ ìtàn náà máa ń fò ni pé kò padà bọ̀rọ̀. Ìbùmu kejì ò ju tàkọ́kọ́ lọ, ẹ̀kẹta tilẹ̀ dín kù, ó sì di dandan kó dúró kó bi ara rẹ̀ léèrè. Nílé tiwa níbí, Wọlé Ṣóyínká tọ òórùn oúnjẹ àwọn ọlọ́jà ìrọ̀lẹ́ lẹ́sẹẹsẹ ní Abẹ́òkúta nínú ìwé Aké, tó jáde lọ́dún 1981, ó sì dárò pé ariwo ti gba ipò òórùn náà.

Ìyá kan wà, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, tí mo bá wọn yẹ ìtàn ayé wọn wò. Orí kejì ìwé náà ò ju ìpínrọ̀ kan lọ: wọ́n gbé lọ́dọ̀ ìyá àgbà fúngbà díẹ̀, ìyá àgbà ń ṣe ògì tà, ìyá àgbà sì fẹ́ràn ọmọ. Mo ní, “Màmá, kí ló dé tí wọ́n fi mú yín lọ síbẹ̀?” Wọ́n ní, “Èmi ò mọ̀. Wọ́n kàn mú mi lọ ni.”

Mo ní kí wọ́n rẹ àgbàdo. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ògì ọjà làwọn ń rà láti ọjọ́ pípẹ́. Ohun tí mo fẹ́ gbọ́ gan-an nìyẹn. Òórùn tí èèyàn ń gbọ́ lójoojúmọ́, bí àlùbọ́sà tó ń dín nínú òróró, ohun tuntun ti bo ti àtijọ́ mọ́lẹ̀ nínú rẹ̀. Èyí tó ti pẹ́ lọ ló máa ń gbé ọmọdé dìde. Bẹ́ẹ̀ ni ògì tó ti di ògì ò lè ṣiṣẹ́ tó àgbàdo tó ń kan lọ, torí iṣẹ́ ni ọmọ náà wò nígbà yẹn.

Dérícà méjì àgbàdo funfun ni wọ́n rẹ sínú ike tó ní ọmọrí. Lọ́jọ́ kejì, ìfófòó wẹ́wẹ́ yọ lójú omi. Lọ́jọ́ kẹta, ó ti kan. Àárọ̀ kùtù ni mo ní kí wọ́n ṣí i, kí wọ́n tó dáná, kí wọ́n má sì fín lọ́fínńdà sára. Imú máa ń tètè bá òórùn mọ́ra. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, kò ní gbọ́ ọ dáadáa mọ́. Nítorí náà, kí wọ́n mí sínú lẹ́ẹ̀mejì, kí wọ́n dé e, kí wọ́n kọ ohunkóhun tó bá wá láìbá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, kí wọ́n jáde sí gbangba, kí wọ́n tó padà wá ṣí i.

Wọn ò kọ pé ìyá àgbà fẹ́ràn àwọn. Òtútù lẹ́sẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ kọ. Ó kan ìró omi tó ń kán láti ara aṣọ asẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ̀yìn ìyá àgbà, láìsí ojú. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé a ti bọ́ lọ́wọ́ fọ́tò. Inú fọ́tò, ojú la máa ń rí. Ọmọ kékeré tó dúró lẹ́yìn àgbà tó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọpọ́n, ẹ̀yìn ló ń rí.

Láti ibẹ̀, ìbéèrè kéékèèké ló kù. Ẹ má bi ara yín pé báwo lọ́kàn yín ṣe rí. Ẹ béèrè ohun tó wà lọ́wọ́ yín. Màmá ní, “Èèrí.” Kí ni wọ́n ń fi èèrí ṣe? “Àwọn ni mo máa ń gbé lọ fún ewúrẹ́ lẹ́yìnkùlé.” Ta ló tún wà lẹ́yìnkùlé? Wọ́n dákẹ́ fúngbà díẹ̀. Obìnrin méjì ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ògiri, ọ̀kan ń sọ pé ọmọkùnrin yẹn ò tíì lè jókòó. Àbúrò wọn ni. Ó wà ní ọsibítù, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi mú ẹ̀gbọ́n kúrò nílé.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra o. Òórùn máa ń ru ọkàn sókè débi pé èèyàn á gba gbogbo ohun tó bá tẹ̀ lé e gbọ́, ọpọlọ sì mọ bá a ṣe ń fi ohun tó rí níbòmíràn dí àlàfo. Màmá gbé ohun tí wọ́n kọ lọ bá ìyá kékeré wọn, tó ṣì wà láyé. Òtítọ́ ni ti ewúrẹ́, òtítọ́ ni ti ọsibítù. Nígbà tí wọ́n dé ibi fìtílà tó ń jò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọpọ́n, ìyá kékeré pariwo: “Fìtílà wo? Iná mọ̀nàmọ́ná ti wà nílé wa kí wọ́n tó bí ẹ!” Fìtílà kúrò nínú ìwé. Ní ti ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ògiri, kò sẹ́ni tó lè jẹ́rìí sí i, nítorí náà wọ́n kọ ọ́ báyìí pé, “mo gbọ́ ọ, àbí mo rò pé mo gbọ́ ọ.” Lójú tèmi, gbólóhùn yẹn ló dára jù ní orí náà.

Nígbà tí wọ́n tún un kọ, wọn ò sọ pé òórùn ògì ta sánsán. Ohun tí wọ́n kọ rèé: “Ìyá àgbà fún aṣọ asẹ́, omi kíkan rẹ̀ ta sí mi lójú. Wọ́n kó èèrí lé mi lọ́wọ́, wọ́n ní, ‘Má jẹ́ kó bọ́.’” Òórùn tó bá ti ṣiṣẹ́ rẹ̀ lórí òǹkọ̀wé, kò pọn dandan kó hàn lójú ìwé.

Irú tí wọ́n ń sè, òwú sítóóvù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ pa, epo pupa tí wọ́n ń yọ́ títí tó fi funfun: ẹ mú èyí tó pẹ́ jù tí ẹ ti gbọ́ ọ gbẹ̀yìn. Tó bá jẹ́ àgbàdo ni, ẹ má gbé e sínú fíríìjì, nítorí kò ní tètè kan. Lẹ́yìn tí ẹ bá kọ tán, ẹ lọ̀ ọ́, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ wá àkàrà gbígbóná tì í.